Pípín Owó Ẹ̀rọ Dọ́gba: Iye Ọdún Ni Kókó Ọ̀rọ̀

Nínú ìwé ìṣirò owó ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré, ọdún tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ bí ìnáwó. Ọdún náà á wá dà bí ọdún tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á dà bí ọdún èrè ńlá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ló ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ohun tí àwọn akáńtáǹtì ń pè ní dẹpiriṣiéṣọ̀n ló wà fún àtúnṣe èyí: wọ́n á pín owó ẹ̀rọ sórí gbogbo ọdún tí wọ́n fẹ́ fi lò ó. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti pín in ni kí ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Èmi gbà pé ọ̀nà yìí tọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ kó tọ́, nítorí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Iye ọdún tí a fi pín in ni kókó, ibẹ̀ sì ni a kì í padà wò.

Ká ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkunbọ̀ ní mílíọ̀nù 18 náírà. Owó ẹ̀rọ kò parí síbẹ̀. Owó ibodè àti ti ọkọ̀ tó gbé e wá jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Àwọn tó tò ó, tí wọ́n sì dán an wò, gba 600,000. Gbogbo èyí ló gbọ́dọ̀ wọ inú owó ẹ̀rọ, nítorí láìsí wọn ẹ̀rọ náà kò lè tẹ ìwé kankan, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 21. Wọ́n tún ná 300,000 láti kọ́ òṣìṣẹ́ tí yóò máa lò ó. Èyí kò sí lára owó ẹ̀rọ rárá. Ìnáwó ọdún yẹn ni, nítorí òṣìṣẹ́ lè gba ibòmíràn lọ lọ́la pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tó kọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó àlòkù, ìyẹn iye tí wọ́n rò pé àwọn yóò rí gbà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tó wà fún ẹ̀rọ àti ilé, IAS 16, sọ bí a ṣe ń rí i: kì í ṣe ká máa méfò ohun tí ọjà yóò dà nígbà náà, bí kò ṣe ká wádìí iye tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ti gbó dé ibẹ̀ ń mú wọlé lónìí. Ilé ìtẹ̀wé kékeré lè má sí lábẹ́ ìlànà yìí gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò fún un. Ká ní wọ́n gbọ́ mílíọ̀nù 3 lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ fi lò ó. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

(21,000,000 − 3,000,000) ÷ 8 = 2,250,000

Oṣù kẹta ni ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù keje ló tó wà ní ipò àtiṣiṣẹ́. Ọjọ́ yìí ni ìpín bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ìdajì ìpín, 1,125,000, ni yóò wọ ìnáwó ọdún àkọ́kọ́. Kò sí kọ́bọ̀ kankan tó jáde ní báńkì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Owó ti jáde tipẹ́. Wọ́n kàn kọ ọ́ sí apá ìnáwó, wọ́n sì fi iye kan náà dín iye ẹ̀rọ kù nínú ìwé.

Àwọn kan máa ń ta ko ọ̀nà yìí pé ọdún méjì àkọ́kọ́ ni iye ẹ̀rọ máa ń já wálẹ̀ jù lọ́jà, pé ó yẹ kí ìpín ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju ti ìparí lọ. Òótọ́ ni nípa ọjà, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni à ń wá. Ilé ìtẹ̀wé kò ra ẹ̀rọ kó lè tà á. Ohun tí ìpín ọdún ń sọ ni iye iṣẹ́ tí a ti gbà lára ẹ̀rọ, kì í ṣe iye tí aládùúgbò lè fi rà á. Bí ìwé tó ń tẹ̀ lọ́dọọdún kò bá yàtọ̀ púpọ̀, ìpín tó dọ́gba ló bá a mu.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ pósítà olóṣèlú lè sáré tọ̀sán-tòru lọ́dún ìdìbò, kí ẹ̀rọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn lọ́dún kejì. Ìpín dọ́gba kò mọ èyí. Bí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ nítorí kò sí iná tàbí kò sí oníbàárà, ìpín rẹ̀ ń lọ bó ṣe ń lọ. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dáadáa bó bá lo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kà: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ka iye ìgbà tó ti tẹ ìwé, a sì lè fi iye yẹn pín owó rẹ̀ dípò ọdún.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Ọdún mẹ́jọ yẹn, àbá lásán ni. Ní ìparí ọdún kẹta, àpapọ̀ ìpín tí wọ́n ti kọ jẹ́ 5,625,000, iye tó kù nínú ìwé sì jẹ́ 15,375,000. Nígbà náà, àwọ̀ kò bọ́ sórí ara wọn mọ́ lórí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, rọ́là tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti di ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mẹkáníìkì sì sọ pé kò lè ju ọdún mẹ́ta lọ mọ́. Kí ni a ó ṣe? A kì í padà lọ pa ìwé ọdún tó ti kọjá rẹ́, nítorí ohun tí a mọ̀ nígbà yẹn la fi kọ ọ́. A ó yọ owó àlòkù kúrò nínú iye tó kù, a ó sì pín ìyókù sórí ọdún mẹ́ta:

(15,375,000 − 3,000,000) ÷ 3 = 4,125,000

Ìpín ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́ kò fẹ́ rí i, nítorí èrè á dín kù, wọ́n á sì fi ọdún mẹ́jọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú pátápátá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn, 8,625,000 ṣì wà lórí rẹ̀ nínú ìwé, èyí tó pọ̀ ju owó àlòkù lọ ní 5,625,000. Àdánù yìí á já lu ọdún kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ti gbogbo ọdún tí èrè wọn dùn lójú ni.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹ̀rọ tí ìwé ti pín owó rẹ̀ tán, tó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Òun náà ń fi hàn pé ẹni tó yan ọdún kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. IAS 16 ní kí a yẹ iye ọdún àti owó àlòkù wò ó kéré tán ní ìparí ọdún ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, àyẹ̀wò tí mẹkáníìkì kò bá sí níbẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ohun kan kù tí pípín dọ́gba kò lè ṣe bó ti wù kí ọdún péye tó. Owó tí a san lọ́jọ́ ìrajà ló ń pín. Bí náírà bá já wálẹ̀, tí irú ẹ̀rọ náà sì di mílíọ̀nù 60, mílíọ̀nù 18 ni gbogbo ìpín yóò ṣì jẹ́, ilé-iṣẹ́ tó bá sì ná gbogbo èrè tí ìwé fi hàn kò ní rí owó ra òmíràn. Ẹ ya owó ẹ̀rọ tuntun sọ́tọ̀ ní báńkì, kí ẹ sì máa fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí ṣírò rẹ̀. Ìpín inú ìwé kò ní bá yín kó o jọ.