Níúmù àti Ìlà Orin

Níúmù ni àmì kéékèèké tí àwọn akọrin ìjọ Kátólíìkì ní Yúróòpù ń kọ sókè ọ̀rọ̀ orin ìsìn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, kí ìlà orin tó dé. Bí àmì ohùn Yorùbá, ó ń sọ pé ohùn gòkè tàbí pé ó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ bó ṣe gòkè tó. Ẹni tó ti mọ orin náà lórí tẹ́lẹ̀ nìkan ló wúlò fún.

Nígbà tó yá, àwọn adàwékọ ń gbé níúmù sókè sódò lójú ìwé bí ohùn ṣe ń lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1030, Gúídò ará Àrẹ́sò ní Ítálì fa ìlà sí i: pupa fún ohùn Fà, yẹ́lò fún Dò. Ìlà kọ̀ọ̀kan àti àlàfo kọ̀ọ̀kan wá ní ohùn tirẹ̀, débi pé akọrin lè kọ orin tí kò gbọ́ rí. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fẹnu kò sí fún orin ìsìn.

Orin ìsìn Sípéènì àtijọ́ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín níúmù onílà àti èyí tí kò ní ìlà hàn. Ní 1080 ni wọ́n fi ìlànà Róòmù rọ́pò rẹ̀, nígbà tí níúmù rẹ̀ kò tíì ní ìlà. Ìwé orin ńlá ti Léọ́ọ̀nù ṣì wà, síbẹ̀ ohùn inú rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí ti kú.

Ṣùgbọ́n ìlà náà mú kí nǹkan kan sọnù: àmì ìyára àti ìfàgùn tó wà nínú níúmù ilé àwọn mọ́ńkì Sẹ́ńtì Gálì kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé onílà.