Ohùn Akéwì àti Ìmọ̀lára Ewì: Ìyàtọ̀ Wọn Nínú Ewì Kan Ṣoṣo fún Kíláàsì Jéésíẹ́sì

Bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ kíláàsì jéésíẹ́sì kejì léèrè pé kí ni ohùn akéwì nínú ewì kan, ọ̀pọ̀ wọn yóò kọ “ìbànújẹ́”. Bí ó bá tún bi wọ́n pé kí ni ìmọ̀lára ewì náà, “ìbànújẹ́” kan náà ni wọn yóò tún kọ. Nígbà mìíràn wọn a gbà á, wọn a sì gba máàkì méjèèjì, nítorí pé ewì tí wọ́n kà jẹ́ èyí tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sunkún, tí ẹni tí ń kà á náà sì ń bá a sunkún. Irú ewì bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwé kíkà wọn, òun ló sì ń bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ewì tí ohùn àti ìmọ̀lára rẹ̀ bá bára mu kò lè kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ wọn. Èyí tí méjèèjì bá kọ ẹ̀yìn síra wọn ló wúlò fún un.

Kí a tó dé orí ewì, ó yẹ kí a mú ìdàrúdàpọ̀ kan kúrò lọ́nà, nítorí ó máa ń yọjú nínú ìwé àwọn ọmọ. “Ohùn” tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe àmì ohùn dò-re-mí tí à ń fi sórí fáwẹ́lì. Kì í sì ṣe ohùn tí a fi ń sun ìjálá tàbí tí a fi ń pe ẹ̀sà. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí ewì alohùn Yorùbá, bí Adébóyè Babalọlá nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá (1966) àti Ọlátúndé Ọlátúnjí nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn (1984), kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀nà tí ẹnu gbà ń gbé ewì jáde, nítorí ó wà lára ohun tí a fi ń dá ẹ̀yà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ìyẹn jẹ mọ́ etí. Ohùn akéwì tí à ń wá nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ mọ́ ìhà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ àti sí ohun tí ó ń sọ: ṣé ó ń tù ú nínú ni, ṣé ó ń bú u, ṣé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ó ń bẹ̀ ẹ́?

Ọ̀mọ̀wé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni I. A. Richards, ẹni tí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kémúbíríìjì ní ewì láì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ wọ́n sí i, tí ó sì kó ohun tí wọ́n kọ nípa wọn jọ sínú ìwé kan ní 1929. Ó ní ìtumọ̀ tí à ń rí nínú ọ̀rọ̀ pín sí mẹ́rin: ohun tí a ń sọ gan-an, bí ó ti rí lára ẹni tí ń sọ ọ́, ìhà tí ó kọ sí olùgbọ́, àti ohun tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìhà sí olùgbọ́ yìí nìkan ni òun pè ní ohùn. Fún ọmọ jéésíẹ́sì, mo rò pé ó sàn kí a da ìkejì àti ìkẹta pọ̀ sábẹ́ “ohùn”, kí ọpọlọ wọn má baà dàrú. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn òǹkàwé, ìyẹn ìmọ̀lára ewì, kò sí lára mẹ́rin tí ó kà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà. Ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ewì ni ohùn ti ń jáde; àyà ẹni tí ń kà á ni ìmọ̀lára ń bọ́ sí.

Mo hun ewì tí ó wà nísàlẹ̀ yìí fún àpilẹ̀kọ yìí. Ìyá kan ní abúlé ló ń bá ọmọ rẹ̀ tí ó ti lọ jìnnà sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ara Mi Le

1. Àkànní ọkọ mi, ara mi le bí ọta,
2. má fi tèmi da ara rẹ láàmú rárá.
3. Òjò tó ṣí páànù yàrá rẹ lọ́dún èṣí,
4. oore ló ṣe wá, oòrùn ti ń rí ibẹ̀ wọlé.
5. Àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀ báyìí,
6. wọn kì í jẹ́ kí n dá wà.
7. Mo gúnyán lánàá, ó kúnná bí i tàtijọ́;
8. àwo méjì ni mo bù ú sí,
9. mo jẹ tèmi, mo dé tìrẹ.
10. Òun náà ni mo tún jẹ láàárọ̀ yìí, ó ṣì dùn.
11. Fóònù tí o rà fún mi ń dún dáadáa,
12. àwọn tí ń polówó káàdì kì í gbàgbé mi.
13. Bí o ò bá rí àyè wá lọ́dún yìí, kò burú,
14. mo kàn ń gbá ojúde láràárọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá ohùn ná. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Àkànní ni. Báwo ni ó ṣe pè é? Ó fi oríkì pè é, ó sì fi “ọkọ mi” kún un bí ìyá ti máa ń ṣe nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn sí ọmọ. Ní ìlà 2 ó ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. Ní ìlà 13 ó ní kò burú. Òjò ba ilé jẹ́, ó pè é ní oore. Iyán àná kò lè rọ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ní ó ṣì dùn. Kò sí ìlà kan tí ó ti ráhùn, kò sí ibi tí ó ti béèrè owó, kò sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi wá. Bí a bá to àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí, ohùn tí ó jáde ni ohùn ìfọ̀kànbalẹ̀, tí ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ “ohùn ìbànújẹ́” síhìn-ín kò ní rí ìlà kan ṣoṣo tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìmọ̀lára ńkọ́? Kí a fi bí ìyá yìí ṣe ń sọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a wo ohun tí ó ń sọ. Yàrá tí kò ní òrùlé láti ọdún èṣí, tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Ewúrẹ́ ni ẹlẹgbẹ́ ìyá. Àwo iyán kejì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò sí nílé. Fóònù wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń polówó ló ń pè é. Ojúde tí à ń gbá ní àràárọ̀ de àlejò kan. Ohun tí ó kó jọ sí òǹkàwé lọ́kàn ni àánú àti ìdánìkanwà tí ń dunni. Ìyá ń tu ọmọ nínú, òǹkàwé ń káàánú ìyá. Bí ó ti ń sapá tó láti má ṣe ráhùn ni àánú rẹ̀ ń ṣe wá tó, nítorí náà ohùn náà gan-an wà lára ohun tí ó bí ìmọ̀lára náà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dán èyí wò ní kíláàsì, ó sì yá ju kí a kọ ìtumọ̀ sójú pátákó lọ. Kí a pààrọ̀ ìlà kan, kí a wo ohun tí ó yí padà. Ní àkọ́kọ́, kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a yí bí a ṣe sọ ọ́. Dípò ìlà 4, kí a kọ “o sì gbọ́, o ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti tún un ṣe.” Òrùlé ṣì ṣí, ewúrẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti di olùfisùn. Ohùn ti kúrò ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ó ti di ẹ̀sùn. Àánú kò tán pátápátá nínú òǹkàwé, àmọ́ ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà, kí a dá ìlà 4 padà, kí a wá fi bí a ṣe sọ ọ́ sílẹ̀, kí a yí ìṣẹ̀lẹ̀. Dípò ìlà 9, kí a kọ “mo jẹ tèmi, àbúrò rẹ jẹ tirẹ̀.” Ohùn ìyá kò yí padà rárá, ó ṣì ń fi ọmọ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti ìlà 1. Ṣùgbọ́n ilé ti ní ènìyàn, àwo kejì ti rí ẹni jẹ ẹ́, ewúrẹ́ ìlà 5 sì ti di ohun ẹ̀rín lásán. Ìmọ̀lára ti fúyẹ́. Ọmọ tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀kan lè yí kí èkejì dúró kò ní fi ìdáhùn kan dí ojú ìbéèrè méjì mọ́.

Ìlà 9 yìí yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá ka ìlà 5 àti 6, kí olùkọ́ má sì bá wọn wí. Ẹ̀rín náà tọ́, nítorí ìmọ̀lára ewì kì í jókòó sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Títí dé ìlà 8, ewì náà lè jẹ́ ewì ẹ̀fẹ̀. Ní kété tí a bá gbọ́ “mo dé tìrẹ”, ẹ̀rín náà dẹ́kun. Bí a bá wá padà sí ìlà 6, gbólóhùn “wọn kì í jẹ́ kí n dá wà” kì í ṣe àwàdà mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó dára jù láti bi wọ́n ni “Ìlà wo ni inú rẹ ti yí padà?” Ó ń mú wọn tọ́ka sí ẹ̀rí.

Àṣìṣe méjì ló kù tí ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kí ọmọ kọ kókó ọ̀rọ̀ sójú ìmọ̀lára: “Ìmọ̀lára ewì yìí ni pé kí a máa tọ́jú òbí wa.” Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ohun tí à ń mọ̀ lára. Èkejì ni kí ó kọ ti ara rẹ̀ nìkan: “Ó bí mi nínú nítorí n kò fẹ́ràn iyán.” Lóòótọ́, òǹkàwé ni ìmọ̀lára ń bá, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ inú ewì lè gbè lẹ́sẹ̀ nìkan ni à ń gbà. Ìdáhùn tí mo lè fún ní máàkì kíkún lè kúrú báyìí: “Ohùn ìyá náà jẹ́ ti ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí ó pe òjò tó ba ilé jẹ́ ní oore (ìlà 4). Ìmọ̀lára ewì náà jẹ́ àánú, nítorí ó bu oúnjẹ fún ọmọ tí kò sí nílé (ìlà 8 àti 9).”

Ibì kan tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kíkà sókè. Bí ó bá ti mọ̀ pé ewì náà ń mú àánú wá, yóò fi ohùn ẹkún kà á láti ìlà 1. Ó ti fi ìmọ̀lára rọ́pò ohùn nìyẹn, àwọn ọmọ kò sì ní gbọ́ ìyá tí ń tu ọmọ rẹ̀ nínú mọ́. Kí ó kà á bí ìyá tí inú rẹ̀ dùn pé fóònù dún, kí ó yá díẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín sí ìlà 12, kí ó má sì dẹ ohùn sílẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn.