Iye Ọ̀sẹ̀ Ni Ọba: Kíka Dọ́pílà Iṣan Ìwọ́ fún Ọlẹ̀ Tí Kò Dàgbà Tó

Kì í ṣe gbogbo ọlẹ̀ tó kéré ni olóbì ń fìyà jẹ. Òmíràn kéré nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kéré. Àyẹ̀wò Dọ́pílà sí iṣan ìwọ́ ń bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí olóbì bá dára, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ọlẹ̀ ń tì lọ síbẹ̀ kì í dúró, kódà nígbà tí ọkàn bá ń sinmi láàrin ìlù méjì. Bí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú olóbì bá ń dí, ìṣàn àkókò ìsinmi yìí á kọ́kọ́ dínkù, á wá pòórá. Nígbà tó bá burú jù, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn.

Ìlànà ẹgbẹ́ ISUOG ti ọdún 2020 ní kí a gbé ọmọ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ 32 sí 34 bí ìṣàn náà bá pòórá, àti láàrin ọ̀sẹ̀ 30 sí 32 bí ó bá ń padà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń jà fún ni pé Dọ́pílà kò lè dá ọjọ́ ìbí láìsí iye ọ̀sẹ̀ tó dájú.

Ká ní aláboyún kan wá forúkọ sílẹ̀ nígbà tí oyún ti dàgbà, tí kò rántí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ dáadáa. Sikáànù ní ọmọ wọn nǹkan bíi gíráàmù 1,100, ìṣàn ìsinmi sì ti pòórá. Bí oyún náà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 31, ọmọ kéré gidigidi, ìbí sì ti sún mọ́lé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 28, ìwọ̀n yẹn kò kéré rárá. Àmọ́ ìṣàn tó pòórá kò di àlàáfíà nítorí ìyẹn: inú ilé ìwòsàn ni ìyá náà yóò wà, a ó máa gba ìlù ọkàn ọmọ sórí ìwé lójoojúmọ́, a ó sì gbìyànjú láti ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Sikáànù kan ṣoṣo kò lè parí iyàn yìí. Sikáànù ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ì bá parí rẹ̀.

Dídúró pàápàá ní owó orí rẹ̀. Nínú ìwádìí GRIT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003, àwọn ọmọ tí a dúró fún kú sínú oyún jù, àwọn tí a yára gbé jáde sì kú lẹ́yìn ìbí jù. Àpapọ̀ ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ibi tí mo ti ń rí i pé a máa ń ṣì í kà ni ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ bẹtamẹ́tásónì, tí a fi ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. Ìṣàn tó ti pòórá lè padà fún ọjọ́ mélòó kan. Olóbì kò san o. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ dá aláboyún padà sílé ti fi ọmọ wewu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 34, ìṣòro mìíràn tún dé: iṣan ìwọ́ lè dára lójú ẹ̀rọ nígbà tí ebi ń pa ọlẹ̀. Ní àsìkò yẹn, kí a yẹ iṣan ọpọlọ ọmọ wò pẹ̀lú kí a tó sọ fún ìyá pé kò séwu.