Ìtàn Àdéhùn Ìlò Sọ́fítíwia: Kóòdù Àfipamọ́ àti Ọjọ́ tí Olóhun Bá Wọko Gbèsè

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1969 ni iléeṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní fi sọ́fítíwia ṣe èènì mọ́ fún àwọn tí ó ń ra kọ̀ǹpútà tàbí tí ó ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ òun, àti pé láti ìgbà náà lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ní iye owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí sọ́fítíwia ṣe di ọjà gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ọjà tí olówó rẹ̀ kì í gbé lọ tán ni, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ṣì ni ín, ẹ̀tọ́ àtilò ó nìkan ni oníbàárà sì ń san owó fún, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn bá ti là á sílẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ni ìwé náà máa ń so sọ́fítíwia mọ́: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, oníbàárà tí ó bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn ní láti gba àṣẹ. Nígbà tí ó di pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jùmọ̀ wọ inú ẹ̀rọ kan, orí ènìyàn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn kan ń ka gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, àwọn mìíràn ń ka iye ẹni tí ó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjà kì í sì í tán lórí kíkà yìí. Iléeṣẹ́ SAP ti ilẹ̀ Jámánì béèrè ju mílíọ̀nù 54 pọ́n-ùn lọ́wọ́ Diageo tí ń ṣe ọtí, nítorí pé àwọn oníbàárà Diageo ń gba inú ètò mìíràn fi ọjà tí wọ́n fẹ́ rà ránṣẹ́ sínú sọ́fítíwia SAP. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Kóòtù Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé lílò ni èyí náà, bí wọn kò tilẹ̀ fojú kan sọ́fítíwia ọ̀hún rí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ń jà lórí iye orí ènìyàn ṣì ní ẹni tí yóò bá jà. Èyí tí ó wúwo jù ni kí iléeṣẹ́ tí ó ni sọ́fítíwia kú. Ohun tí a gbé fún oníbàárà ni èyí tí ẹ̀rọ nìkan lè kà. Kóòdù orísun, èyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ọwọ́ kọ tí ènìyàn lè kà tí ó sì lè tún ṣe, ìkọ̀kọ̀ olóhun ni. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún; nítorí náà ni àwọn oníbàárà ńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a fi kóòdù náà sọ́wọ́ ẹni kẹta tí kì í ṣe ti ìhà kankan, tí yóò máa pa á mọ́, tí yóò sì gbé e fún oníbàárà bí olóhun bá kùnà. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ yìí ti di òwò tí àwọn iléeṣẹ́ kan dá sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹjọ́ kan ni ó fi hàn bí ìwé àdéhùn ṣe lè di ewé gbígbẹ, kì í sì í ṣe ẹjọ́ sọ́fítíwia rárá. Ní oṣù keje ọdún 1982, Richmond Metal Finishers ti ìpínlẹ̀ Virginia fún Lubrizol ní ẹ̀tọ́ láti lo ọgbọ́n kan tí a fi ń kun irin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, Richmond wọko gbèsè, ó sì bẹ kóòtù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí òun lè rí ọgbọ́n yìí tà tàbí fún ẹlòmíràn láìsí ìdíwọ́. Òfin gba onígbèsè láàyè láti ju àdéhùn tí ìhà méjèèjì ṣì jẹ ara wọn ní iṣẹ́ nínú rẹ̀ nù. Lubrizol ṣì ní owó ìlò láti san àti ìṣirò láti kọ. Richmond náà ṣì ní láti fi tó o létí bí ẹnikẹ́ni bá pe ẹjọ́ lórí ọgbọ́n náà. Ní ọdún 1985, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Àyíká Kẹrin dájọ́ pé àdéhùn ti di jíjù nù, pé Lubrizol kò ní ẹ̀tọ́ láti lo ọgbọ́n náà mọ́, àfi kí ó lọ tò sáàárín àwọn olówó tí wọ́n jẹ ní gbèsè láti gba owó ìtanràn.

Ìdájọ́ yìí da jìnnìjìnnì bo ọkàn gbogbo ẹni tí òwò rẹ̀ dúró lórí sọ́fítíwia ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1988, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi abala 365(n) kún òfin ìwọko-gbèsè. Láti ìgbà náà, bí onígbèsè bá ju àdéhùn nù, oníbàárà lè yàn láti di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú bí ó ti wà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ń san owó ìlò pé, tí kò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Òfin náà sọ pẹ̀lú pé onígbèsè kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ bí àdéhùn bá fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn; olùpamọ́ kóòdù gan-an ni ẹlòmíràn yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú òkú iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́: àtúnṣe àti ìtọ́jú tí ó ṣèlérí ti bá a lọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àtikọ àdéhùn wà. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé ọjọ́ tí olóhun bá wọko gbèsè ni ẹ̀tọ́ òun sí kóòdù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ti wà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni òfin ń dáàbò bò, adájọ́ sì lè wọ́gi lé gbólóhùn tí ó so ìpàdánù mọ́ ìwọko-gbèsè nìkan. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a fi ọwọ́ sí ìwé, kí ó sì jẹ́ ìkùnà iṣẹ́ ni yóò ṣí àpótí: bí àpẹẹrẹ, pé olóhun kò tún àṣìṣe ńlá ṣe láàárín 30 ọjọ́ tí a ti kọ̀wé sí i.

Àpótí náà sì lè ṣófo nígbà tí a bá ṣí i. Mo ti rí èyí tí kóòdù inú rẹ̀ ti pẹ́ ju sọ́fítíwia tí oníbàárà ń lò lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò sí ìwé kan níbẹ̀ tí ó sọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè kà, irú ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é, tàbí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn tí ó rọ̀ mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: kíka iye fáìlì kò tó, kí olùpamọ́ gbé kóòdù náà sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ó fi ìwé ìlànà inú àpótí nìkan kọ́ sọ́fítíwia náà, kí ó sì fi èyí tí ó bá jáde wé èyí tí oníbàárà ń lò, nígbàkúùgbà tí ìyípadà ńlá bá dé. Owó ńlá ni ìdánwò yìí ń náni, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fò ó.

Bí kóòdù bá tilẹ̀ tẹ oníbàárà lọ́wọ́, kò sọ ọ́ di olóhun. Ìtọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ ni ó sábà máa ń ní àyè láti lò ó fún. Kò gbọdọ̀ tà á, bí ìwé bá sì sọ pé igba ènìyàn ni yóò lò ó, igba náà ni yóò ṣì jẹ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò lọ ra àfikún lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé iléeṣẹ́ òun yóò dàgbà a máa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lẹ́yìn ìkùnà olóhun, iye náà lè pọ̀ sí i.

Òfin Amẹ́ríkà kò sì ká gbogbo ayé. Nígbà tí Qimonda, iléeṣẹ́ Jámánì tí ó ń ṣe ẹ̀yà ìrántí kọ̀ǹpútà, wọko gbèsè ní ọdún 2009, ẹni tí kóòtù fi ṣe alábòójútó ohun-ìní rẹ̀ fẹ́ fi òfin Jámánì ju àdéhùn tí ó wà láàárín rẹ̀ àti Samsung pẹ̀lú àwọn mìíràn nù. Ọ̀rọ̀ náà dé Amẹ́ríkà nítorí àwọn ẹ̀tọ́ onímọ̀ tí Qimonda ní níbẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ kóòtù Àyíká Kẹrin kan náà tí ó dá ẹjọ́ Lubrizol. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, kóòtù náà fọwọ́ sí i pé àwọn tí ó ti gba ẹ̀tọ́ ìlò yóò jàǹfààní abala 365(n) lórí àwọn ẹ̀tọ́ tí ó wà ní Amẹ́ríkà.