Gauss, nọ́ńbà 12, àti mátíríìsì tó ń yí po

1/ Ẹ jókòó, ìtàn yìí dùn. Ní nǹkan bí ọdún 1805, Carl Friedrich Gauss ní Jámánì ń wá ipa ọ̀nà Pallas, òkúta ńlá kan tó ń yí oòrùn po. Nọ́ńbà 12 ló wà níwájú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún 30 dígíríì. 30 lọ́nà 12 jẹ́ 360, nítorí náà tó o bá kọjá ìkejìlá, o ti padà sí àkọ́kọ́ nìyẹn.

2/ Ohun tó bá ń yí po báyìí ní mátíríìsì tiẹ̀. Kọ ìlà kan. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, sún gbogbo ẹ̀ sọ́tùn-ún, kí èyí tó bá já bọ́ lẹ́yìn padà síwájú:

```
3 1 0 2
2 3 1 0
0 2 3 1
1 0 2 3
```

3/ Mátíríìsì máa ń yí fẹ́kítọ̀ síbòmíì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó kàn ń sọ di ìlọ́po ara wọn. Iye ìlọ́po yẹn ni mo ń pè ní iye àbùdá. Wíwá a máa ń le, àmọ́ kì í ṣe níbí.

4/ Mú nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé tó o bá fi í lọ́po ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, 1 ló máa jáde: 1, i, −1 tàbí −i (i² = −1). Pè é ní w. Kọ (1, w, w², w³). Sún un ní ìgbésẹ̀ kan, ṣe ló dà bíi pé o fi w lọ́po ẹ̀, torí w⁴ ti padà di 1. Mátíríìsì wa ò sì ju àròpọ̀ irú ìsúnkiri bẹ́ẹ̀ lọ!

5/ Torí náà, iye àbùdá ni 3 + w + 0w² + 2w³.
w = 1 → 6
w = i → 3 − i
w = −1 → 0
w = −i → 3 + i
Ro wọ́n pọ̀: 12. Nọ́ńbà tó wà lórí ìlà ìdábùú náà, 3 mẹ́rin, jẹ́ 12. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, o ti ṣì í ṣe níbì kan. Ẹ wo 0 yẹn o: (1, −1, 1, −1) wọlé, òfo ló jáde. Kò sí bá a ṣe lè dá iṣẹ́ mátíríìsì yìí padà.

6/ Ìṣirò tá a ṣe yẹn gan-an ni ìyípadà Fourier:

```
np.fft.fft([3, 2, 0, 1])
```

Òpó àkọ́kọ́ ni mo fi sí i, kì í ṣe ìlà àkọ́kọ́. Tó o bá fi ìlà sí i, 3 − i àti 3 + i máa pààrọ̀ àyè, torí pé −i ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ níbi tá a ti lo i.

7/ Ó ku Gauss. Tó bá ṣe ti ẹ̀ tààrà, ìlọ́po 12 × 12 ni, ìyẹn 144. Ó pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin: 3 × 16 jẹ́ 48. Pípa wọ́n pọ̀ gba 12 × 3, ìyẹn 36. Àpapọ̀ jẹ́ 84.

8/ Kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kú ní 1855, èdè Látìnì ni wọ́n sì fi gbé e jáde ní 1866. Ní 1965, Cooley àti Tukey tẹ ọgbọ́n kan náà jáde, òun sì ni FFT táyé mọ̀ lónìí. Ẹ ò rí i, 160 ọdún ló fi wà nínú ìwé.