Santana àti Gainsbourg: Ta Ló Di Orin Ọlátúnjí Mú?

Ní 1960 ni Drums of Passion, àwo Babátúndé Ọlátúnjí ọmọ Àjídò, jáde ní Amẹ́ríkà. Ìlù àti ohùn ènìyàn ló gbé e ró: ẹnìkan ń lé, àwọn yòókù ń gbè.

Ní 1964, Serge Gainsbourg, ará Faransé, mú "Akiwowo" inú rẹ̀. Ó dá ìlù, lílé àti ègbè sí, ṣùgbọ́n ó yọ Akíwowo òṣìṣẹ́ rélùwéè kúrò, ó fi àwọn ilé gíga Níú Yọ́ọ̀kì rọ́pò rẹ̀. Kò sì kọ orúkọ Ọlátúnjí sára àwo náà! Ní 1969, ẹgbẹ́ Santana sọ "Jin-Go-Lo-Ba" di "Jingo". Wọ́n kọ ègbè rẹ̀, àmọ́ gìtá oníná àti dùrù ló ń dárà níbi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ ìró nìkan yóò ní Gainsbourg ló ṣe é bí onílé ti ṣe é. Àwa ò gbà. Lóòótọ́, Santana tún orin náà dá (ó sì dùn, a ò parọ́), ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ègbè Ọlátúnjí lè bá wọn gbè é. Tí Gainsbourg bá ń lé tiẹ̀, kí la fẹ́ gbè?