*Àyẹ̀wò fulú: ọjọ́ wo ló yẹ ká ṣe é, báwo la sì ṣe lè gbà á gbọ́?*



Nígbà tí fulú ńlá bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè fi í hàn. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé bakitéríà kan tí Pfeiffer rí ní 1892 ló ń fà á. Wọ́n wá a nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn. Wọ́n rí i lára àwọn kan, wọn ò rí i lára àwọn mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, ó sì kéré ju ohun tí awò ìgbà yẹn lè rí lọ.

Ní 1933, Smith, Andrewes àti Laidlaw rí i mú ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Fulú ń ṣe Andrewes fúnra rẹ̀. Wọ́n gba omi tó fi fọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n kán an sí imú ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì, àìsàn náà sì mú ẹranko yẹn. Láti ìgbà náà wá, imú àti ọ̀fun la ti ń wá fulú.

Lónìí, oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó yá máa ń sọ èsì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ṣùgbọ́n àfi kí fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nímú kó tó rí i. Ti láàbù, tí wọ́n ń pè ní pí-sí-à, máa ń sọ fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ di púpọ̀ kó tó kà á, nítorí náà ìwọ̀nba tó kù nímú kì í sábà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí 100 èèyàn tó ní fulú bá ṣe àyẹ̀wò kíákíá ti àtijọ́, 50 sí 70 ló máa ń rí. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 2017 pé kó máa rí 80, ó kéré tán. Nítorí náà, nígbà tí fulú bá ń jà, bó bá ní fulú wà, ẹ gbà á gbọ́. Bó bá ní kò sí, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ tí a gbà á ṣe pàtàkì. Ká ní ibà àti ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lára ìyá àgbà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òwú gba nǹkan nínú imú wọn títí di Ọjọ́bọ̀, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ṣì pọ̀ níbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ajé kejì, àyẹ̀wò kíákíá lè ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ fulú náà ló ṣe wọ́n. Òwú tí kò wọlé dáadáa náà lè fa irú èsì bẹ́ẹ̀.

Oògùn fulú máa ń ṣiṣẹ́ jù láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí àgbàlagbà tàbí aboyún bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de èsì. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ibà wò pẹ̀lú, torí fulú àti ibà jọra níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.